Sítíréètì láìnì àbí rìdúsìn bálánsì? Ibi tí áńsà méjèèjì ti jọra, àti bí ẹ ṣe máa mọ èyí tí ìbéèrè ń fẹ́

Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ní akáwuntì rí, ì báà jẹ́ ní Tańkẹ́ ní Ìlọrin níbí tàbí lọ́hùn-ún ní Ọ̀fà, á ti mọ̀ pé ìṣirò kọ́ ló ń mú kí àwọn ọmọ fèéèlì ìbéèrè dìpìrìsíéṣọ̀n. Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá. Iye tó ń fò kúrò lára mọ́tò, ẹ̀rọ tàbí àga ọ́fíìsì lọ́dọọdún torí pé a ń lò ó la fẹ́ mọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń da nǹkan rú ni pé ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ṣe é, sítíréètì láìnì àti rìdúsìn bálánsì, máa ń gbé áńsà kan náà jáde nígbà míì, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ wọ́n á gbé èyí tó fara jọra jáde, ẹni tó ṣètò ìbéèrè á wá kó gbogbo ẹ̀ sínú A dé D, ọmọ á ṣe ìṣirò, á rí áńsà ẹ̀ níbẹ̀, inú ẹ̀ á dùn, àṣé ọ̀nà kejì ni wọ́n ní kó lò.

Torí náà mi ò ní máa ka ìtumọ̀ méjèèjì fún yín bí ìwé ṣe ń kà á. Ibi tí wọ́n ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti yà ni ká wò, torí ibẹ̀ gan-an la ti ń mọ èyí tó yẹ ká mú.

Ọdún àkọ́kọ́ ni ẹ̀tàn wà

Ká ní ẹ̀gbọ́n kan ní Gáà-Akáńbí ra kẹ̀kẹ́ márúwà ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 2021, ₦1,000,000 gbáko ló rà á, oṣù Dìsẹ́ńbà ló máa ń parí ìṣirò ọdún ẹ̀, ìdínkù sì jẹ́ 20% lọ́dún. Tó bá jẹ́ sítíréètì láìnì, 20% ti owó tó fi rà á la máa yọ lọ́dọọdún, kò sí àyípadà kankan. Tó bá jẹ́ rìdúsìn bálánsì, 20% ti ohun tó kù la máa yọ, ìyẹn búùkù fálù tó bẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn.

Ẹ rò ó bíi báàgì gàrí tó jẹ́ àádọ́ta kóńgò nílé, ẹnì kan ń bu kóńgò mẹ́wàá lóṣooṣù láìwẹ̀yìn, ẹnì kejì ń bu ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó bá bá nínú báàgì tiẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́ àwọn méjèèjì bu mẹ́wàá, ẹ ò lè fi ojú dá wọn mọ̀. Lóṣù kejì ẹnì kìíní tún bu mẹ́wàá, ẹnì kejì bu mẹ́jọ péré torí ogójì ló bá níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà rèé, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, SL ni sítíréètì láìnì, RB ni rìdúsìn bálánsì:

| Ìparí ọdún | SL: ìdínkù ọdún náà | SL: ohun tó kù | RB: ìdínkù ọdún náà | RB: ohun tó kù |
|---|---|---|---|---|
| 2021 | ₦200,000 | ₦800,000 | ₦200,000 | ₦800,000 |
| 2022 | ₦200,000 | ₦600,000 | ₦160,000 | ₦640,000 |
| 2023 | ₦200,000 | ₦400,000 | ₦128,000 | ₦512,000 |
| 2024 | ₦200,000 | ₦200,000 | ₦102,400 | ₦409,600 |
| 2025 | ₦200,000 | ₦0 | ₦81,920 | ₦327,680 |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́. Kò sí ìyàtọ̀ kankan, torí nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí ìdínkù kankan tó ti kó jọ, ohun tó kù àti owó tí wọ́n fi rà á jẹ́ nǹkan kan náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, tí ìbéèrè bá béèrè ìdínkù ọdún àkọ́kọ́ nìkan, tí pásẹ́ǹtì jẹ́ ọ̀kan náà, tí kò sì sí owó àlòkù tí a máa yọ, ìyẹn owó tí a rò pé a máa ta nǹkan náà tá a bá lò ó tán, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí pé ọ̀nà wo ni, ẹ mú áńsà kẹ́ ẹ kọjá lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi ọdún àkọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò fún ara wọn. Wọ́n á ṣe é ní rìdúsìn bálánsì, ó bá ti ìwé mu, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì máa yọ ₦200,000 lọ títí dé ọdún kẹta. Ọdún kejì ni kẹ́ ẹ fi yẹ ara yín wò. Tí iye ọdún kejì bá kéré sí ti àkọ́kọ́, rìdúsìn lẹ ń ṣe. Tó bá dọ́gba, sítíréètì láìnì ni, ohun yòówù kẹ́ ẹ kọ sókè ìwé.

Nǹkan míì tún wà nínú tábìlì yẹn. Sítíréètì láìnì parí sí òdo ní 2025, rìdúsìn ṣì ní ₦327,680, tẹ́ ẹ bá sì ń ṣe é lọ títí di 2040, kò ní dé òdo láéláé. Tẹ́ ẹ bá rí áńsà rìdúsìn bálánsì tó di òdo pátápátá láìsí pé wọ́n ta nǹkan náà tàbí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣìṣe.

Ọ́púṣọ̀n mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ wá láti inú kẹ̀kẹ́ kan

Ẹ wo irú ìbéèrè tí mo máa ń kọ sójú pátákó fún àwọn tó ń múra Wáẹ̀kì. Kẹ̀kẹ́ yẹn náà ni, 20% rìdúsìn bálánsì, kí ni àpapọ̀ ìdínkù tó ti kó jọ ní ìparí 2022? A jẹ́ ₦360,000, B jẹ́ ₦400,000, C jẹ́ ₦600,000, D jẹ́ ₦640,000.

Kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jẹ́ ìṣirò àṣìṣe. A ni àpapọ̀ ìdínkù rìdúsìn, ₦200,000 pẹ̀lú ₦160,000. B ni àpapọ̀ ìdínkù sítíréètì láìnì. C ni ohun tó kù ní sítíréètì láìnì, D ni ohun tó kù ní rìdúsìn. Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa lè mú D, torí pé ó ṣe rìdúsìn bó ṣe yẹ, ó kàn jẹ́ pé ohun tó kù ló mú dípò ohun tó ti lọ. Ẹni tó mú B mọ ohun tí wọ́n béèrè, ọ̀nà ló ṣì. Àwọn méjèèjì pàdánù máàkì kan náà ṣùgbọ́n àìsàn wọn ò jọra, ẹ má sì fún wọn ní oògùn kan náà.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjì kí wọ́n tó fọwọ́ kan kakulétọ̀: ọ̀rọ̀ tó sọ ọ̀nà, àti ọ̀rọ̀ tó sọ ohun tí wọ́n ń wá. Èyí tó sọ ohun tí wọ́n ń wá lè jẹ́ ìdínkù ọdún kan, ó lè jẹ́ èyí tó ti kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ búùkù fálù. Èyí tó sọ ọ̀nà ló máa ń sá pamọ́, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń dárúkọ ẹ̀ tààrà. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe é "ọn kọ́ọ̀sítì", tàbí wọ́n ní iye kan náà lọ́dọọdún, tàbí físíìdì ínsítọ́mẹ́ǹtì, sítíréètì láìnì ni wọ́n ń sọ. Tẹ́ ẹ bá rí dìmíníṣìn bálánsì, tàbí rítìn dáùn fálù, tàbí pásẹ́ǹtì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe lórí búùkù fálù, rìdúsìn ni, orúkọ yàtọ̀ ṣùgbọ́n èèyàn kan náà ni. Tí kò bá wá sí pásẹ́ǹtì rárá, tó jẹ́ iye ọdún tí nǹkan máa lò àti owó àlòkù ni wọ́n fún yín, sítíréètì láìnì ló máa ń jẹ́, àfi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá pásẹ́ǹtì rìdúsìn fúnra yín, èyí tí mo máa dé tó bá yá.

Owó àlòkù, ibi tí áńsà tó ṣì ti máa ń wọ aṣọ áńsà tó tọ̀nà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí òun ló ń ba èèyàn nínú jẹ́.

Ká padà sí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀gbọ́n wa rò ó pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún òun á ṣì lè tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù ní ₦100,000. Owó yẹn ni wọ́n ń pè ní sìkíráàpù fálù tàbí rẹsídúà fálù. Ní sítíréètì láìnì, ẹ máa yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó pín, ₦1,000,000 yọ ₦100,000 ku ₦900,000, ẹ pín in sí márùn-ún, ₦180,000 lọ́dún. Ní rìdúsìn bálánsì 20%, ẹ ò ní yọ nǹkan kan, 20% ti ₦1,000,000 ni ₦200,000, ó tán.

Ọmọ kan bi mí léèrè ní lẹ́sìn, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tá ò ní yọ ọ́ níbí, ṣebí owó àlòkù náà ni, ṣebí a ò ní pàdánù ẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn ẹ̀ ni pé nínú rìdúsìn bálánsì, pásẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ ló yẹ kó ti ro ti owó àlòkù mọ́ ọn. Ọ̀nà yẹn ò dé òdo láéláé, ó máa ń fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn, nǹkan tó bá fi sílẹ̀ yẹn ló dúró fún owó àlòkù. Tẹ́ ẹ bá tún wá yọ ọ́ lókè, ẹ ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Ẹ wá wo jàm̀bá tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì yọ owó àlòkù nínú rìdúsìn, 20% ti ₦900,000 ló máa ṣe, ₦180,000 ló máa rí. Áńsà sítíréètì láìnì tó tọ̀nà gan-an nìyẹn! Á rí i nínú ọ́púṣọ̀n, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Ẹni tó sì gbàgbé láti yọ ọ́ nínú sítíréètì láìnì á pín ₦1,000,000 sí márùn-ún, á rí ₦200,000, áńsà rìdúsìn tó tọ̀nà. Àṣìṣe ti ọ̀tún ń bí òótọ́ ti òsì, ti òsì ń bí ti ọ̀tún. Ẹ ò lè fi pé iye náà wà nínú ọ́púṣọ̀n mọ̀ pé ẹ ṣe é dáadáa.

Ibì kan ṣì wà tó máa ń fa àríyànjiyàn: kí wọ́n ní 20% ọn kọ́ọ̀sítì, kí wọ́n tún wá fún yín ní owó àlòkù. Lójú tèmi, tí ìbéèrè bá ti sọ pé orí owó tí wọ́n fi rà á ni kẹ́ ẹ ti mú pásẹ́ǹtì, owó tí wọ́n fi rà á náà ni kẹ́ ẹ lò láìyọ nǹkan kan, torí ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Owó àlòkù tí wọ́n fún yín lè jẹ́ pé ìbéèrè kejì tó wà nísàlẹ̀ ló nílò ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn fi dán yín wò ni. Tó bá jẹ́ iye ọdún ni wọ́n sọ, tí kì í ṣe pásẹ́ǹtì, ẹ yọ ọ́.

Tí wọ́n bá rà á láàárín ọdún

Èyí ò pẹ́. Ká ní oṣù Ọkitóbà, ọjọ́ kìíní, ló ra kẹ̀kẹ́ náà, tí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ ka oṣù. Oṣù mẹ́ta péré ló lò ó lọ́dún yẹn, ìdínkù jẹ́ ₦50,000 ní ọ̀nà méjèèjì, kò sí owó àlòkù. Lọ́dún kejì sítíréètì láìnì padà sí ₦200,000, rìdúsìn jẹ́ 20% ti ₦950,000, ìyẹn ₦190,000. Ẹ rí i, ìyàtọ̀ tó jẹ́ ₦40,000 tẹ́lẹ̀ lọ́dún kejì ti wá sún mọ́ra di ₦10,000. Bí wọ́n bá ṣe rà á sún mọ́ ìparí ọdún tó ni áńsà méjèèjì á ṣe jọra tó lọ́dún kejì, torí náà ẹ má fi ojú lásán sọ pé "wọ́n jọ sún mọ́ra, á ti tọ̀nà." Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ ṣe odindi ọdún fún ọdún tí wọ́n rà á, kí ẹ má ṣe nǹkan kan lọ́dún tí wọ́n tà á, ẹ má ka oṣù rárá, ìlànà ilé iṣẹ́ yẹn nìyẹn.

Nígbà tó bá wá láti inú tíráyà bálánsì

Nínú ìbéèrè tíọ́rì, wọn kì í sọ ìtàn kẹ̀kẹ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni ìlà méjì nínú tíráyà bálánsì, mọ́tò ₦1,000,000 ní ẹ̀gbẹ́ dẹ́bíìtì, àpapọ̀ ìdínkù mọ́tò ₦360,000 ní ẹ̀gbẹ́ kírẹ́díìtì, wọ́n á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kẹ́ ẹ ṣe ìdínkù 20% fún ọdún yìí. Tó bá jẹ́ ọn kọ́ọ̀sítì, ẹ ò ní wo ₦360,000 yẹn rárá, ₦200,000 ni. Tó bá jẹ́ rìdúsìn bálánsì, ẹ yọ ₦360,000 kúrò lára ₦1,000,000 kó ku ₦640,000, 20% ẹ̀ ni ₦128,000. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ rìdúsìn nínú ọbujẹ́tíìfù ló máa ń gbàgbé èyí, wọ́n á rí mọ́tò ₦1,000,000 wọ́n á sì ṣe 20% ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹni pé òní ni wọ́n rà á. Wọ́n ti ṣe ọdún àkọ́kọ́ fún mọ́tò tó ti wà lọ́dún kẹta nìyẹn.

Ìgbà míì ìwé ìdánwò á gbàgbé láti sọ ọ̀nà, tàbí kí fọ́tòkọ́pì ti pa ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rẹ́ (èyí pọ̀ nínú ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní Pósítì Ọ́fíìsì, ẹ ò ní rí nǹkan kan ju dúdú lọ). Ẹ lè bi iye tó ti kó jọ yẹn léèrè ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ sítíréètì láìnì 20% láìsí owó àlòkù, ₦200,000, ₦400,000, ₦600,000, ₦800,000 tàbí ₦1,000,000 ló yẹ kó máa jẹ́. ₦360,000 ò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n ₦200,000 pẹ̀lú ₦160,000 ni gẹ́lẹ́, ọdún méjì rìdúsìn bálánsì. Tó bá wá jẹ́ ₦200,000 lẹ rí níbẹ̀, kò lè sọ nǹkan kan fún yín, ọdún àkọ́kọ́ tún ni. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọgbọ́n yìí tó bá jẹ́ pé mọ́tò púpọ̀ tí wọ́n rà lọ́dún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó pọ̀ sórí ìlà kan, tàbí tí wọ́n ń ka oṣù, torí iye á ti dàpọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè bá sọ ló lágbára jù, èyí kàn wà fún ìgbà tí ọ̀rọ̀ ò bá sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, òpin kan náà, àárín ló yàtọ̀

Mo sọ pé mo máa dé ibi pásẹ́ǹtì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá fúnra yín. Ká kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ká lọ sí Ọjà Ìpàtà, ká ní ìyá kan ra ẹ̀rọ ata, ẹ́ńjìnnì àti ọlọ ẹ̀ lápapọ̀, ₦625,000, ó máa lò ó fún ọdún mẹ́rin, á sì tà á ní ₦256,000 lẹ́yìn ẹ̀. Pásẹ́ǹtì rìdúsìn tó máa gbé e láti ₦625,000 dé ₦256,000 gẹ́lẹ́, báyìí la ṣe ń wá a, C ni owó tí wọ́n fi rà á, S ni owó àlòkù, n ni iye ọdún:

```
r = 1 - (S / C)^(1/n)
r = 1 - (256000 / 625000)^(1/4)
r = 1 - 0.8 = 0.2
```

20% nìyẹn. Lọ́nà rìdúsìn, ìdínkù ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ₦125,000, ₦100,000, ₦80,000 àti ₦64,000. Ní sítíréètì láìnì, ₦625,000 yọ ₦256,000 ku ₦369,000, ẹ pín in sí mẹ́rin, ₦92,250 lọ́dọọdún. Ẹ ro ti rìdúsìn pọ̀, ₦369,000 náà ni. Ní ìparí ọdún kẹrin, méjèèjì dúró sórí ₦256,000. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ búùkù fálù ìparí ọdún kẹrin tàbí àpapọ̀ ìdínkù ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà méjèèjì á fún yín ní áńsà kan náà. Àárín ni wọ́n ti ya ara wọn, ní ìparí ọdún kejì rìdúsìn wà ní ₦400,000, sítíréètì láìnì wà ní ₦440,500.

Ẹ ṣọ́ra fún kakulétọ̀ níbí. Róòtù ni ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ pín 256000/625000 sí mẹ́rin. Ẹni tó bá pín in á rí 0.1024, á yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀kan, á wá sọ pé 89.76%. Ẹ̀rọ wo ló ń pàdánù 89.76% lọ́dún kan, àfi kí iná jó o. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, bíráákẹ́ẹ̀tì lẹ ò fi sí i.

Ìyá ẹlẹ́rọ yẹn tún jẹ́ kí n sọ ìdí téèyàn fi máa ń mú ọ̀kan dípò èkejì, torí tíọ́rì máa ń béèrè ẹ̀. Ìlànà akáwuntì àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 16 ní kí ọ̀nà téèyàn bá mú bá bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ fúnni mu. Ẹ̀rọ ata tuntun kì í sábà bàjẹ́, àtúnṣe ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ò tó nǹkan, ọdún kẹrin ló máa di pé òní bẹ́líìtì, ọ̀la nọ́sù. Ká ní àtúnṣe jẹ́ ₦10,000, ₦30,000, ₦55,000 àti ₦70,000. Ẹ fi kún ìdínkù rìdúsìn: ₦135,000, ₦130,000, ₦135,000, ₦134,000, gbogbo ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹrù kan náà. Ẹ fi kún ti sítíréètì láìnì: ₦102,250, ₦122,250, ₦147,250, ₦162,250, ọdún ìkẹyìn ló ń gbé ẹrù tó wúwo jù, èrè ẹ̀ á sì dà bíi pé iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń mú rìdúsìn fún mọ́tò àti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n tí ìyá náà bá san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, sítíréètì láìnì ni kó mú, torí ọdún kẹwàá ò yàtọ̀ sí ọdún àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, ọjọ́ tó bá sì pé ọdún mẹ́wàá ohun tó kù gbọ́dọ̀ di òdo. Rìdúsìn ò lè gbé e débẹ̀.

Wọ́n ta kẹ̀kẹ́, ẹnì kan jèrè, ẹnì kan pàdánù

Ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa àti tábìlì àkọ́kọ́. Ọjọ́ ìkẹyìn oṣù Dìsẹ́ńbà 2023 ló ta kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ní ₦450,000. Tó bá jẹ́ sítíréètì láìnì ló ń ṣe bọ̀, ohun tó kù nínú ìwé jẹ́ ₦400,000, ó jèrè ₦50,000. Tó bá jẹ́ rìdúsìn, ohun tó kù jẹ́ ₦512,000, ó pàdánù ₦62,000. Kẹ̀kẹ́ kan náà, owó kan náà lọ́wọ́, ọ̀kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èrè, èkejì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àdánù. Nínú ìbéèrè dìsìpósà, bí ẹ bá ṣi ọ̀nà mú, kì í ṣe iye nìkan ló máa ṣì, ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí náà á ṣì, máàkì méjì lọ nìyẹn.

Àwọn kan máa ń rò pé ẹni tó ṣe rìdúsìn ló fara pa. Kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹ wo ọdún mẹ́ta náà pa pọ̀. Sítíréètì láìnì ti yọ ₦600,000 gẹ́gẹ́ bí ìdínkù, ó wá jèrè ₦50,000, gbogbo ohun tí kẹ̀kẹ́ ná an jẹ́ ₦550,000. Rìdúsìn yọ ₦488,000, ó sì pàdánù ₦62,000, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦550,000. Owó tó fi rà á yọ owó tó tà á, ₦1,000,000 yọ ₦450,000, ₦550,000 náà ni. Ọ̀nà kò lè yí i padà, ọdún tí ìnáwó á bọ́ sí nìkan ló ń yí.

Èyí wúlò gan-an nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, torí ẹ lè fi yẹ iṣẹ́ yín wò láìwo ìwé ẹnikẹ́ni. Àpapọ̀ ìdínkù, ẹ fi àdánù kún un, tàbí ẹ yọ èrè kúrò níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá owó rírà yọ owó títà mu. Ká ní ọmọ kan ṣe rìdúsìn, ó wá kọ ₦62,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrè, á rí ₦488,000 yọ ₦62,000, ₦426,000, kò bá ₦550,000 mu, ó ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ló kọ òdì. Ohun kan tí àyẹ̀wò yìí ò lè mú ni kẹ́ ẹ ti lo ọ̀nà tí wọn ò ní kẹ́ ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí méjèèjì ló máa já sí ₦550,000. Ìyẹn, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ nínú ìbéèrè nìkan ló lè sọ ọ́ fún yín.